Wákàtí mélòó ni bátìrì 200Ah máa gbé fáànù, gílóòbù àti tẹlifíṣàn? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ dé ìdí

*Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìléṣà ni mo wà. Bátìrì túbúlà kan ni mo ní, 12V 200Ah, pẹ̀lú ínfátà 1kVA, ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Ẹni tó tà á fún mi ní ó máa gbé fáànù onídùúró kan, gílóòbù mẹ́rin àti tẹlifíṣàn pẹ̀lú dikódà fún wákàtí 15. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú iná lọ ní aago méje alẹ́, tí àwọn ọmọ pa tẹlifíṣàn ní aago mọ́kànlá, tó bá fi máa di aago méjì òru ínfátà ti ń ké. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, àbí bátìrì ti kú? Báwo lèmi náà ṣe lè máa ṣírò ẹ̀?*

Màmá wa, ẹ kú ìrọ́jú òkùnkùn o. Ẹni tó tà á fún yín ò ṣi ìṣirò yẹn ṣe, ibi tó ti dúró láìparí ẹ̀ ni wàhálà wà. Ohun tó ṣe ni pé ó mú 12 tó wà lára bátìrì yẹn, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 200, ó rí 2400. Ìyẹn là ń pè ní wáàtì-áwà, gbogbo agbára tó wà nínú bátìrì yín nìyẹn nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun tó sì kún dẹ́nu. Wáàtì lásán ni bí nǹkan ṣe ń fa iná tó ní ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ tàn án yẹn, wáàtì-áwà ni àpapọ̀ ohun tó ti fà láti ìgbà tẹ́ ẹ ti tàn án. Fáànù oníwáàtì 60 tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ti jẹ wáàtì-áwà 60, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá ó ti jẹ 600, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ló wá ro ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tàn pọ̀. Fáànù onídùúró máa ń wà láàárín wáàtì 50 sí 75, ẹ jẹ́ ká mú 60. Gílóòbù ẹlí-í-dí oníwáàtì 9 mẹ́rin, 36 nìyẹn. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ tó jẹ́ íńṣì 32, ká sọ pé 50, dikódà 14. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 160. Fi 160 pín 2400, 15 ló máa jáde, ibẹ̀ ló ti rí wákàtí 15 tó sọ fún yín. Ọjà bátìrì ní Lágéré lọ́dọ̀ wa ní Ifẹ̀ níbí tàbí ní Ẹrẹ́jà lọ́dọ̀ yín, ìṣirò kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe fún oníbàárà, torí òun ló mú nọ́ńbà tó wuyì jù jáde. Àwọn nǹkan méjì ni kò fi sí i: ohun tí ínfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ, àti bí a ṣe lè fa bátìrì olómi tó kó má baà bàjẹ́. A máa dé orí méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbà mí gbọ́ lórí 160 yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, torí mi ò rí ilé yín. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn tẹlifíṣàn kì í sábà jẹ́ ohun tó ń fà ní gbogbo ìgbà, òkè tó lè dé ni wọ́n kọ síbẹ̀, fáànù míì sì wà tí wọ́n kọ 50 sí lára tó jẹ́ pé 70 ló ń fà. Tẹ́ ẹ bá ń lo mítà prípéèdì, mítà yẹn gan-an máa wọ̀n ọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa, iná pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wọ́n máa kọ nǹkan bíi 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh. Tó bá jẹ́ 1000 ni wọ́n kọ, gbogbo ìgbà tí iná pupa yẹn bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, wáàtì-áwà kan ti wọlé nìyẹn. Tí iná bá wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, fíríìjì, gílóòbù, fóònù tó wà lórí ṣájà, kẹ́ ẹ sì já ínfátà pàápàá kúrò lára iná, torí ṣájà inú ẹ̀ ń fa iná tó pọ̀, ó sì máa ba ìwọ̀n yẹn jẹ́. Ẹ dúró wò ó ná, iná pupa ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú mọ́. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbàgbé, ẹ wá a kàn.

Ẹ wá tan fáànù nìkan, sí ibi tẹ́ ẹ máa ń tàn án sí gan-an lálẹ́. Ẹ mú aago fóònù yín, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín kí iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan àti kó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ wá fi iye yẹn pín 3600. Tó bá jẹ́ 60 ìṣẹ́jú-àáyá, wáàtì 60 ni fáànù yín ń jẹ. Tó bá jẹ́ 48, wáàtì 75 ni. Tí mítà yín bá jẹ́ ti 1600, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pín ni 2250, kì í ṣe 3600 mọ́. Ó dáa kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ aago nígbà tí iná pupa bá ṣẹ́jú, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún sí i kẹ́ ẹ wá fi márùn-ún pín iye àkókò yẹn, torí téèyàn bá ka ẹyọ kan ṣoṣo ọwọ́ lè yá jù tàbí kó pẹ́ jù. Tó bá jẹ́ orí òpó ni wọ́n gbé mítà yín sí tó jẹ́ kíípáàdì nìkan ló wà nínú ilé, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ dúró sí ìta kó máa wò ó, kẹ́ ẹ̀yin wà nínú ilé tẹ́ ẹ máa tàn tẹ́ ẹ máa pa. Lẹ́yìn fáànù ẹ ṣe tẹlifíṣàn àti dikódà pa pọ̀, lẹ́yìn náà gbogbo gílóòbù lẹ́ẹ̀kan, torí gílóòbù ẹyọ kan máa pẹ́ kó tó ṣẹ́jú. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó wu èmi kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra bátìrì kọ́kọ́ ṣe èyí kó tó jáde nílé, torí nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fi ojú ara yín rí ò ní jẹ́ kí ọlọ́jà kankan fi ẹnu dídùn tà fún yín.

Ó ku ínfátà. Bátìrì ò lè gbé fáànù yín fúnra ẹ̀, torí fáànù yẹn 220V ló ń wá, bátìrì sì jẹ́ 12V, ínfátà ló ń yí i padà, kì í sì í yí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń jẹ tiẹ̀ lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá kàn tàn án báyìí tẹ́ ẹ ò fi nǹkan kan sí i lára, ó ti ń jẹ wáàtì bíi 10 sí 20 ní tiẹ̀. Ìkejì, nínú ohun tó bá ń gbé jáde, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá máa ń di ooru, ìdí nìyẹn tí ara ẹ̀ fi máa ń gbóná tí fáànù kékeré ẹ̀yìn ẹ̀ fi ń yí. Nítorí náà tí wáàtì 160 bá ń jáde lọ sínú ilé, nǹkan bíi 190 ló ń kúrò lára bátìrì. Tó bá sì wá di òru tó jẹ́ fáànù àti gílóòbù kan péré ló wà lórí ẹ̀, wáàtì 69, bíi 90 ló ń kúrò lára bátìrì. Ẹ ò rí i pé lọ́wọ́ òru ohun tí ínfátà ń jẹ ju tàwọn gílóòbù lọ. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná ẹ̀ kì í ṣe ojúlówó ìgbì bíi ti Nẹ́pà tún burú jù, fáànù tó bá wà lórí ẹ̀ á máa kùn hùn-ún, á máa gbóná, á sì máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ irú ohùn yẹn lára fáànù tó sì jẹ́ pé kì í dún bẹ́ẹ̀ tí iná bá wà, ẹ fi bíi wáàtì mẹ́wàá kún ti fáànù nínú ìṣirò yín.

Èyí tó kàn ló gba kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Nínú 2400 yẹn, ìdajì ni tiyín. Bátìrì olómi, túbúlà náà wà lára wọn, tẹ́ ẹ bá ń fà á dé ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ kú, ọjọ́ ayé ẹ̀ dá lórí bẹ́ ẹ ṣe ń fà á tó lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Túbúlà lágbára ju bátìrì mọ́tò lọ lọ́nà púpọ̀, ó lè gba kẹ́ ẹ fà á kọjá ìdajì lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le, ṣùgbọ́n kò yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ti ojoojúmọ́. Kẹ́ ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ínfátà pé ó máa dá yín dúró níbi ìdajì o, ohun tó ń ké yẹn, ó máa ń dúró títí bátìrì fi sún mọ́ 10.5V kó tó pa ara ẹ̀, kó tó débẹ̀ bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Igbe yẹn ń sọ fún yín pé ẹ ti pẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ìdajì 2400 jẹ́ 1200. Tẹ́ ẹ bá tan gbogbo nǹkan sílẹ̀ láìpa ọ̀kan, ẹ fi 190 pín 1200, wákàtí mẹ́fà àti bí ogún ìṣẹ́jú. Òun ni èsì òtítọ́ fún bátìrì yín, òun ló yẹ kí ẹni yẹn sọ fún yín dípò 15. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tan gbogbo nǹkan mọ́jú, torí náà ìṣirò tó wúlò jù ni kẹ́ ẹ gé alẹ́ yín sí ọ̀nà méjì. Láti aago méje sí aago mọ́kànlá tí gbogbo ẹ̀ wà ní títàn, wákàtí mẹ́rin lọ́nà 190, ìyẹn 760. Ohun tó kù nínú 1200 jẹ́ 440. Láti aago mọ́kànlá lọ, fáànù àti gílóòbù kan, 90 ní wákàtí kan, fi 90 pín 440, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún. Aago mọ́kànlá fi wákàtí márùn-ún kún un, aago mẹ́rin ìdájí nìyẹn, níbi ìdajì bátìrì lásán, tí ínfátà ò tíì ronú àtiké rárá.

Ẹ̀yin wá ní aago méjì ló ń ké. Ẹ wò ó, láti aago méje sí aago méjì, ohun tẹ́ ẹ fà jẹ́ 760 pẹ̀lú wákàtí mẹ́ta lọ́nà 90, àpapọ̀ ẹ̀ 1030. Bátìrì tó kún tí ara ẹ̀ sì dá, tó bá ti fún yín ní 1030, ó ṣì ku ju ìdajì lọ nínú ẹ̀. Tiyín ti dé ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀, yálà bátìrì ò kún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lálẹ́, tàbí ó ń kún àmọ́ inú ẹ̀ ti kéré. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo máa ń bá pàdé ni àkọ́kọ́, ìkejì sì máa ń tẹ̀ lé e tẹ́nikẹ́ni ò bá tètè ṣe nǹkan sí i.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. 1030 tẹ́ ẹ fà yẹn, tẹ́ ẹ bá fi 12 pín in, áńpù-áwà bíi 86 ni, ìyẹn Ah tí wọ́n kọ sára bátìrì yẹn. Láti dá 86 padà sínú bátìrì olómi ẹ nílò nǹkan bíi 100, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò nígbà tó bá ń gba ṣáàjì. Ṣájà inú ínfátà 1kVA sábà máa ń tú áńpù 10 sí 15 jáde, ẹ jẹ́ ká mú 12. 12 pín 100, ó ju wákàtí mẹ́jọ lọ, àti pé ìparí ẹ̀ máa ń falẹ̀, bí bátìrì bá ṣe ń kún ló ń gba díẹ̀díẹ̀, torí náà ẹ kà á sí wákàtí mẹ́wàá. Tó bá wá jẹ́ pé iná máa ń wà ládùúgbò yín fún wákàtí méje lójúmọ́, 84 ló ń wọlé, ohun tẹ́ ẹ̀ ń fà lálẹ́ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ yẹn, ṣùgbọ́n bátìrì ò kún rí láé, láti ìdajì ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ìsàlẹ̀ lẹ sì ń parí sí. Ó dà bí oníṣòwò tó ti jẹ owó ìdókòwò ẹ̀ tán tó wá ń fi èrè òní jẹun òní, ọjà ń lọ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí ọjà ò bá tà ló máa mọ̀. Kẹ́ ẹ tún má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé bátìrì kejì ni ojútùú o, tí ohun tó ń wọlé ò bá pọ̀ sí i, bátìrì méjì á kàn pín ṣáàjì kékeré kan náà, méjèèjì ò sì ní kún.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ tètè ṣe é ni pé bátìrì olómi tó bá ń gbé ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nǹkan funfun kan tí wọ́n ń pè ní sọ́fẹ́ètì máa ń dì mọ́ àwọn irin pẹlẹbẹ inú ẹ̀. Tó bá ṣì rọ̀, ṣáàjì tó gùn máa tú u. Tó bá ti le gan-in, apá ibi tó dì mọ́ yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, bátìrì 200 á wá máa ṣe bíi 120, tẹ́ ẹ bá ṣáàjì ẹ̀ ó á yára kún, inú yín á dùn, tẹ́ ẹ bá tan nǹkan sí i ó á yára gbẹ. Tẹ́ ẹ bá rí i pé tiyín ti ń kún kíákíá ju ti àtijọ́ lọ, àmì burúkú nìyẹn, kì í ṣe ìròyìn ayọ̀.

Láti mọ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ nílò máltímítà kékeré, èyí tí àwọn oníwáyà fi máa ń wọn fóòtì, ti olówó pọ́ọ́kú tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí bátìrì kún lóòótọ́. Ẹ má tan ínfátà lálẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ lo tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa gba ṣáàjì ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò kó lo gbogbo ọjọ́ kan níbẹ̀. Tó bá ti kún, ẹ já a kúrò lára ohun gbogbo fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, kó mọ́jú bẹ́ẹ̀ ló dáa jù, torí bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà máa ń parọ́, ó máa fi 13 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn yín. Lẹ́yìn ìsinmi yẹn ẹ wọ̀n ọ́n. 12.7 ni bátìrì tó kún, 12.4 ti tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 jẹ́ ìdajì, tó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 12 kò sí nǹkan gidi níbẹ̀ mọ́. Tó bá sì jẹ́ 10.6 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ló fi hàn yín lẹ́yìn tó ti gba ṣáàjì gbogbo ọjọ́, ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà inú ẹ̀ ti kú, torí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi 2.1, ìyẹn ò sì ní àtúnṣe tó tọ́jọ́.

Tó bá jẹ́ 12.6 sí 12.7, ẹ tan gbogbo nǹkan, wáàtì 160 yẹn, kẹ́ ẹ kọ aago sílẹ̀. Tó bá di wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú ẹ pa gbogbo ẹ̀, ẹ já bátìrì, ẹ jẹ́ kó sinmi wákàtí kan, ẹ wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí 12.2 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn, ara bátìrì yín dá ṣáká, ṣáàjì nìkan ni kò tó o, owó yín ẹ fi wá bí ṣáàjì á ṣe pọ̀ sí i, bóyá pánẹ́ẹ̀lì sólà kan tàbí méjì tó máa ràn án lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá rí 12 tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀, ó ti ń dínkù, ẹ ṣì lè lò ó tẹ́ ẹ bá dín ohun tó wà lórí ẹ̀ kù. Tí ínfátà bá ti ké kó tó pé wákàtí mẹ́rin láti orí bátìrì tó kún, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kẹ́ ẹ má ná owó kankan lé e lórí mọ́.

Kẹ́ ẹ tó dá bátìrì lẹ́bi ṣá o, ẹ yẹ wáyà wò. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá wà ní títàn, ẹ fi máltímítà wọ̀n ọ́n lórí tẹ́mínà bátìrì, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n níbi tí wáyà ti wọ ínfátà. Bíi áńpù 16 ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá. Tí méjèèjì bá fi ju 0.3 lọ yàtọ̀ síra, wáyà yẹn tín-ín-rín jù tàbí tẹ́mínà ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé sí, ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀ díẹ̀ ẹ máa rí i pé ó gbóná. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ínfátà ń rí, tí wáyà bá ti jẹ ìdajì fóòtì, á máa ké nígbà tí bátìrì ṣì ní nǹkan nínú. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló máa ń yanjú ti tẹ́mínà, ẹ kọ́kọ́ pa ínfátà ná kẹ́ ẹ sì já wáyà kúrò, lẹ́yìn náà ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á. Ẹ sì wo omi inú bátìrì náà, omi bátìrì ni kẹ́ ẹ fi kún un tó bá lọ sílẹ̀, ẹ má da ásíìdì sí i rárá, ásíìdì kì í gbẹ, omi ló ń gbẹ.

Ní ti ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láti alẹ́ òní lọ láìra bátìrì, fáànù ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Gílóòbù tí gbogbo èèyàn máa ń sáré pa yẹn ò jẹ nǹkan, ẹyọ kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ò tó ohun tí fáànù jẹ ní wákàtí méjì. Fáànù ló ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá yí i sí oókan dípò ẹ̀ta ó lè bọ́ láti 60 sí bíi 40, ẹ fi mítà wo tiyín. Ṣùgbọ́n èyí tó yí ìṣirò padà gan-an ni fáànù onímọ́tò 12V, irú èyí tí wọ́n ń ṣáàjì yẹn, wáàtì 20 péré ló máa ń jẹ tí bátìrì inú ẹ̀ bá ti kún. Ẹ jẹ́ kó kún nígbà tí iná wà, torí tó bá ń gba ṣáàjì láti ara ínfátà yín ó á máa fà ju 20 lọ dáadáa. Fi 20 sípò 60 kẹ́ ẹ wá tún un ṣe: láti aago méje sí mọ́kànlá, wáàtì 120 ló ń jáde, bíi 145 ló ń kúrò lára bátìrì, wákàtí mẹ́rin jẹ́ 580. Ó ku 620. Lóru, fáànù àti gílóòbù kan jẹ́ 29, pẹ̀lú ti ínfátà ká pè é ní 44. Fi 44 pín 620, wákàtí mẹ́rìnlá. Bátìrì kan náà tó ń gbé yín dé aago mẹ́rin ìdájí níbi ìdajì, ó ń gbé yín kọjá ọ̀sán ọjọ́ kejì, torí fáànù kan ṣoṣo. Ẹ wá wò ó ní ti ṣáàjì náà: tí ilẹ̀ bá mọ́ ní aago mẹ́fà, 580 àti wákàtí méje lọ́nà 44, kò tó 900, áńpù-áwà bíi 74 lẹ máa dá padà dípò 86, ẹ sì ti sun oorun wákàtí mẹ́rin lé sí ti tẹ́lẹ̀. Dikódà náà, ẹ má fi rímóòtù pa á, ẹ pa á níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí tó bá wà lójú oorun báyìí púpọ̀ nínú wọn ṣì ń fà tó bíi gílóòbù kan mọ́jú.

Nǹkan kan wà tí ìṣirò yìí ò lè gbà, áyọ́ọ̀nù. 200 tí wọ́n kọ sára bátìrì yẹn, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹ lè rí C20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n rọra fà á ní áńpù mẹ́wàá mẹ́wàá fún wákàtí 20 kí wọ́n tó rí 200 yẹn. Fáànù, tẹlifíṣàn àti gílóòbù yín ń fa bíi 16, kò jìnnà síbẹ̀, ìyàtọ̀ ẹ̀ kéré. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1000 máa fa bíi áńpù 90 lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì ò ní fún yín ní 200 lọ́nà yẹn, ó máa fún yín ní èyí tó kéré sí i gan-an, fóòtì ẹ̀ á já wálẹ̀, ínfátà 1kVA yín náà lè kọ̀ láti gbé e. Ẹ lọ aṣọ nígbà tí iná bá dé.

Tó bá wá jẹ́ pé àyẹ̀wò yẹn fi hàn pé bátìrì ti tán, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ra òmíì, ẹ máa gbọ́ pé lítíọ́mù ló dáa. Lóòótọ́ ó dáa fún irú ilé tí iná kì í pẹ́ níbẹ̀, torí òun kì í bàjẹ́ tí kò bá kún, kì í sì í fi ṣáàjì ṣòfò bíi ti olómi, ẹ sì lè fà á dé ìdá mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá láìbẹ̀rù. Lítíọ́mù 12.8V 100Ah jẹ́ 1280, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹ̀ jẹ́ bíi 1150, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1200 tẹ́ ẹ̀ ń rí lára túbúlà 200 yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á wá sílé kó fi hàn yín lórí ojú ínfátà yín gan-an ibi tí wọ́n ti ń yí i sí lítíọ́mù, tàbí ibi tó ti lè dá ṣáàjì dúró ní 14.4. Ọ̀pọ̀ ínfátà tí wọ́n ṣe fún túbúlà máa ń ti fóòtì kọjá 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi pò omi inú bátìrì pọ̀, lítíọ́mù ò gba ìyẹn, ààbò inú ẹ̀ á kàn já iná lójijì, ẹ ó sì máa rò pé bátìrì tuntun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti bàjẹ́.